Ta Ló Ní Kí Ẹ Pa Ilà Ìyá Mi Rẹ́?

Nígbà tí fọ́tò ìgbéyàwó àbúrò mi dé láti Àbújá, inú ìwé ńlá aláwọ̀ funfun kan ni wọ́n tò ó sí, ìwé tó wúwo bíi Bíbélì orí pẹpẹ. Màámi gbé e lé itan, wọ́n ṣí i, wọ́n wo ojú ewé kejì, wọ́n gbé e sún mọ́ fèrèsé, wọ́n tún wò ó. Wọ́n wá fi ìka lé ojú obìnrin tó jókòó lápá ọ̀tún ìyàwó, wọ́n ní, "Ta nìyí?" A kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń ṣàwàdà ni. Wọn ò ṣàwàdà. Obìnrin náà wọ aṣọ Màámi, ó wé gèlè Màámi, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jọ̀lọ̀ bí àwo tánganran. Pélé mẹ́ta-mẹ́ta tí wọ́n kọ sí Màámi lẹ́rẹ̀kẹ́ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọwọ́, èyí tí àwa ọmọ fi mọ̀ wọ́n láti ìgbà tí a ti lajú sáyé, ti pòórá.

Ìyá àgbà ọkọ ìyàwó náà wà nínú fọ́tò yẹn. Ọmọ Tiv ni wọ́n, láti Gboko, àwọn náà sì ní ilà tiwọn lójú, nítorí àwọn Tiv jẹ́ ẹ̀yà tó mọyì ara fínfín láyé àtijọ́. Ilà tiwọn náà ti lọ. Ìyá méjì, ẹ̀yà méjì, wọ́n wá di ọmọ ìyá kan náà lójú fọ́tò.

Èyí tó bí mi nínú jù ni pé ohun tí a dìídì bẹ ayàfọ́tò pé kó bá wa fi pamọ́ ṣì wà níbẹ̀ gbangba. Àbúrò mi ní táátù òdòdó kan léjìká ọ̀tún, tó fín nígbà tó wà ní yunifásítì. Ó gùn tó ìka ọwọ́ kan. Aṣọ tó wọ lọ́jọ́ náà ṣí èjìká sílẹ̀, pàǹkéèkì tí wọ́n fi bo táátù sì ti bá òógùn lọ kí ó tó di ọ̀sán. Kò fẹ́ kí òdòdó náà wà nínú fọ́tò tí wọ́n máa gbé kọ́ sí pálọ̀ àwọn àna rẹ̀, ó sì sanwó lé owó kí wọ́n bá òun pa á rẹ́. Ohun tó rí gbà ni àbàwọ́n aláwọ̀ eérú, bí ìgbà tí ènìyàn fi ọwọ́ èédú di èjìká rẹ̀ mú tí kò sì fọ̀ ọ́ mọ́ tán. Wọ́n pa èyí tí a ò ní kí wọ́n pa, wọ́n sì ba èyí tí a ní kí wọ́n pa jẹ́.

Mo pe ayàfọ́tò náà. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ó bọ̀wọ̀ fún mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, a ò dìídì ṣe é. Gbogbo ojú la máa ń tẹ bọ́tìnì yẹn fún." Mo bi í pé bọ́tìnì wo. Ó ní èyí tó ń mú ara jọ̀lọ̀ ni, pé oníbàárà kankan kò ráhùn sí i rí.

Ọ̀rọ̀ bọ́tìnì yẹn ni mo fẹ́ bá gbogbo ilé fọ́tò wa jà lé lórí, láti Àbújá dé Akíráà dé Kútọnu. Kì í ṣe pé mo lòdì sí kí á fi àmì ara pamọ́. Èmi fúnra mi fi títún fọ́tò ṣe gbọ́ bùkátà ní ọdún mélòó kan tí owó ìwé kíkọ kò tó jẹun, mo sì ti pa àpá, àmì àbímọ́ àti táátù rẹ́ fún àwọn tó ní kí n ṣe é. Ẹ̀sùn mi ni pé àwọn tó ń gba owó iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ wa kò kọ́ ọ, wọ́n sì ń fi àìkọ́ wọn bọ́ ohun tí kì í ṣe tiwọn kúrò lójú àwọn ìyá wa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ náà ṣe yẹ kó rí, nítorí ẹni tí kò bá mọ òṣùwọ̀n kò lè mọ̀ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Ohun mẹ́ta ló ń jẹ́ kí ojú wa gbà pé ara ènìyàn la ń wò nínú fọ́tò. Àkọ́kọ́ ni àwọ̀. Ìkejì ni bí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ṣe ń tẹ̀lé ara wọn, tó ń jẹ́ ká mọ̀ pé èjìká yípo, pé egungun wà lábẹ́ ibẹ̀. Ìkẹta ni ojú awọ fúnra rẹ̀: ihò òógùn, irun wẹ́wẹ́, àti àwọn ìlà tín-ín-rín tó gba inú ara wọn kọjá bí àwọ̀n. Kí a tó fọwọ́ kan àmì kankan, ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni pé, èwo ni àmì yìí bà jẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Àmì àbímọ́ tó tẹ́jú, àwọ̀ nìkan ló yí padà níbẹ̀. Ihò òógùn ṣì pé síbẹ̀ bó ṣe pé sí ibòmíràn. Ẹni tó bá lọ gbé awọ láti ibòmíràn wá bo irú àmì bẹ́ẹ̀ ti ṣe àṣejù. Àwọ̀ nìkan ni kó tún ṣe, kó fi ojú awọ olówó rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Àpá iná tàbí ti ọ̀bẹ yàtọ̀. Ojú awọ ló bàjẹ́ níbẹ̀: kò ní ihò òógùn mọ́, ìmọ́lẹ̀ sì máa ń ta lára rẹ̀ bí ara ọ̀rá. Àpá tó wú, irú èyí tó wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú, ba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ pọ̀, nítorí ó ga ju ara lọ, ó sì ní òjìji tirẹ̀. Táátù dà bí àmì àbímọ́ ju bó ṣe dà bí àpá lọ. Abẹ́ awọ ni tàdáwà wà; awọ tó bò ó kò bàjẹ́, àfi tí ọwọ́ ẹni tó fín in bá wúwo. Ìṣòro rẹ̀ ni pé tàdáwà dúdú lè ṣókùnkùn débi pé kámẹ́rà kò fi bẹ́ẹ̀ rí ihò òógùn tó wà lórí rẹ̀ mọ́.

Bọ́tìnì tó ń mú ara jọ̀lọ̀ kì í béèrè ìbéèrè yìí. Ohun kan ṣoṣo ló mọ̀: kó po ohun gbogbo tó wà lójú pọ̀ bí ẹni ro àmàlà. Ó pa ihò òógùn, ó pa àpá, ó pa ilà, ó pa irun imú. Lójú tirẹ̀, gbogbo wọn jẹ́ ẹ̀gbin.

Mo ní kí ayàfọ́tò náà fi fáìlì tí kámẹ́rà yà gan-an ránṣẹ́ sí mi. Èyí tó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ gba orí Wasáàpù, mo sì dá a padà. Wasáàpù máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè fúyẹ́, ihò òógùn sì wà lára ohun tó kọ́kọ́ máa ń sọnù. Tí ihò òógùn bá ti sọnù lára awọ tó yí táátù ká, kò sí ohun tí ènìyàn máa rí yá láti fi bo táátù náà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun lè fi àpá pamọ́ dáadáa nínú fọ́tò Wasáàpù, irọ́ ló ń pa.

Nígbà tí fáìlì tòótọ́ dé, mo rí ohun tó fa àbàwọ́n eérú. Healing Brush Tool inú Photoshop ló lò. Irinṣẹ́ tó dára ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ bó ṣe ń ronú. Ó ń mú ojú awọ láti ibi tí a bá tọ́ka sí, àmọ́ àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀, etí ibi tí a ń kùn ló ti ń mú un. Tí etí náà bá wà lórí awọ tó mọ́, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Fún rọ́pọ́ kan ṣoṣo ní iwájú orí, kò sí ohun tó dà bíi rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí etí bá bọ́ sórí tàdáwà, dúdú tàdáwà ló máa fà wọlé, yóò pò ó mọ́ àwọ̀ ara, yóò sì di eérú. Òdòdó tó ní ewé tóóró-tóóró kò ní ibi tí etí kò ti ní kan tàdáwà. Bí ọmọ náà ṣe ń kùn ún sí i láti fi tún àṣìṣe ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fa tàdáwà káàkiri èjìká àbúrò mi.

Ọ̀nà tí mo gbà ni pé mo ya àwọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ojú awọ, kí n lè tún ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe láyè rẹ̀. Mo ṣe ẹ̀dà fọ́tò náà méjì, ọ̀kan lé èkejì lórí. Mo fi Gaussian Blur pa ti ìsàlẹ̀ pọ̀ títí ihò òógùn kò fi hàn mọ́, ṣùgbọ́n tí ìrísí èjìká ṣì hàn. Fún fọ́tò yìí, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gùn jẹ́ píksẹ́ẹ̀lì 6000, Radius 10 ló tó. Fọ́tò tó kéré yóò gba èyí tó kéré sí i, ojú la fi ń mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, mo bọ́ sórí ẹ̀dà ti òkè, mo lọ sí Apply Image, mo yan ẹ̀dà ìsàlẹ̀ ní Layer, mo yan Subtract ní Blending, mo kọ 2 sí Scale àti 128 sí Offset, mo wá yí ẹ̀dà òkè náà sí Linear Light. Nọ́ńbà wọ̀nyí wà fún fọ́tò 8 bit. Tí ènìyàn bá ṣe é bó ti yẹ, fọ́tò náà yóò padà rí gan-an bó ṣe rí kí a tó bẹ̀rẹ̀. Tí ó bá yàtọ̀, àṣìṣe ti wọ ibì kan, kí ó padà sẹ́yìn.

Ní ìsàlẹ̀, níbi tí àwọ̀ àti òjìji nìkan wà, táátù ti di ìkùukùu dúdú kan. Mo mú Clone Stamp Tool tó rọ̀ létí, mo fi Opacity rẹ̀ sí 20, mo sì ń gbé àwọ̀ láti ara awọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, díẹ̀díẹ̀, léraléra. Òfin tó wà níbẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bà á, láti ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bà á ni kí o mú un, ibi tí òjìji wà, láti inú òjìji. Mo ń tẹ̀lé bí èjìká ṣe yípo. Ẹni tó bá gbé àwọ̀ orí èjìká lọ sí abẹ́ rẹ̀ yóò rí i pé apá náà ti di pẹlẹbẹ.

Ní òkè, níbi tí ojú awọ nìkan wà, etí òdòdó ṣì hàn bí okùn aláǹtakùn. Níbẹ̀, mo lo Clone Stamp Tool náà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí Opacity 100 ni, Sample sì wà ní Current Layer. Ìdí ni pé ihò òógùn kò ṣeé gbé ní ìdajì. Tí a bá gbé e ní ìdajì, ti àtijọ́ àti ti tuntun á gun ara wọn, ibẹ̀ á sì rọ̀ bí ẹ̀kọ. Mo ń yí ibi tí mo ti ń mú awọ padà ní gbogbo ìgbà, nítorí tí àmì dúdú kékeré kan náà bá fara hàn lẹ́ẹ̀mejì lórí èjìká kan, ojú ẹni tí kò tilẹ̀ mọ nǹkan kan nípa fọ́tò yóò kọsẹ̀ níbẹ̀.

Ó gbà mí ní wákàtí kan ààbọ̀. Mo rò pé mo ti ṣe tán, mo wá yẹ̀ ẹ́ wò. Mo gbé Black & White lé gbogbo rẹ̀ lórí kí àwọ̀ má bàa tàn mí jẹ, mo sì fi Curves mú ìyàtọ̀ dúdú àti funfun le sí i. Lójú ẹsẹ̀, ibi tí àárín òdòdó wà yọ bí erékùṣù inú odò: ó ṣì dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ ní ìwọ̀nba. Mo tún un ṣe. Mo yọ Black & White kúrò, mo rí i pé ìmọ́lẹ̀ ti bára mu ṣùgbọ́n àwọ̀ ibẹ̀ ṣì fà sí búlúù díẹ̀. Mo fi Curves gbé Red sókè díẹ̀, mo fa Blue wálẹ̀ díẹ̀, ní ibẹ̀ nìkan. Mo wá yí fọ́tò náà sódì, kí ọ̀tún di òsì, nítorí ojú tó ti mọ́ ohun kan lára kì í rí àbùkù rẹ̀ mọ́. Mo sùn, mo jí, mo tún wò ó. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ kò lè tọ́ka sí ibi tí òdòdó wà.

Mi ò sọ pé gbogbo rẹ̀ ló ṣeé ṣe. Táátù tó bo apá láti èjìká dé ọrùn ọwọ́ kì í fi awọ tó mọ́ sílẹ̀ nítòsí tí ènìyàn á yá. A lè yí apá kejì sódì ká gbé e wá, ṣùgbọ́n ìhà kejì ni ìmọ́lẹ̀ ti ń bà á, kò sì ní bára mu láìjẹ́ pé a tún òjìji rẹ̀ kùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ayàfọ́tò olóòótọ́ yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà kí ó tó gba owó, yóò sì ní kó wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn.

Ẹ wo bí iṣẹ́ yìí ṣe jìnnà sí bọ́tìnì. Iṣẹ́ náà sin ara. Bọ́tìnì ń sin ara rẹ̀. Ó sì ní àwọ̀ kan tó fẹ́ràn. Nínú fọ́tò ìgbéyàwó wa, gbogbo ojú tí bọ́tìnì kàn ló fi díẹ̀ mọ́ ju ọrùn tó gbé e dúró lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Láyé fíìmù, ilé iṣẹ́ Kodak máa ń fi káàdì kan ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fọ́tò, kí wọ́n máa fi wé bóyá àwọ̀ tọ̀nà. Obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀, Shirley ni wọ́n sì ń pe káàdì náà. Tí ojú Shirley bá ti dára, iṣẹ́ ti parí. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ojú tiwa, àwa la mọ̀ ọ́n. A ti bọ́ lọ́wọ́ fíìmù, ṣùgbọ́n a tún ti gba káàdì Shirley sínú fóònù, a sì ń tẹ̀ ẹ́ fúnra wa.

Ohun tí bọ́tìnì kọ́kọ́ ń pa lára aláwọ̀ dúdú ni dídán. Ara dúdú máa ń fi dídán sọ ìrísí rẹ̀: ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ta sí lórí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, lórí imú, lórí èjìká, ni ojú fi ń mọ̀ pé ibẹ̀ yọ síta. Àwọn baba wa mọ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pe arẹwà ní adúmáadán. Wọn ò pè é ní adúmájọ̀lọ̀. Tí ẹ bá pa dídán yẹn pọ̀ mọ́ òjìji, ojú á di amọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn òbí wa fi ń dà bí ère nínú fọ́tò ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún wọn.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ilà. Ẹnìkan lè sọ pé, kí ló dé tí mo ń pariwo lórí ilà, ṣebí àwa náà la ní kí wọ́n má kọ ọ́ mọ́? Òótọ́ ni. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ní Nàìjíríà, ní abala 24, kò gbà kí ẹnikẹ́ni fín ara ọmọdé tàbí kó kọ ilà sí i lára. Mo fara mọ́ òfin náà tọkàntọkàn. Ọmọ ọwọ́ kò lè sọ bóyá òun fẹ́, abẹ sì dùn ún. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí ohun tí òfin yẹn túmọ̀ sí fún fọ́tò. Àwọn tó ní ilà lójú báyìí ni ìgbẹ̀yìn. Pélé Màámi, ilà ìyá àgbà Gboko, ilà méjì-méjì ní ibi márùn-ún tí àwọn ará Ouidah ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ń kọ sójú: kò sí ẹni tó máa jogún wọn. Láàárín ogójì ọdún sí i, fọ́tò nìkan ni àwọn ọmọ ọmọ wa máa fi mọ̀ pé irú ojú bẹ́ẹ̀ wà rí. Àkókò yìí gan-an ni ilé fọ́tò yàn láti máa fi bọ́tìnì pa á rẹ́, láìsí ẹni tó ní kí wọ́n ṣe é.

Wàhálà tó súnmọ́ tòsí tún wà. Ìlànà fọ́tò páásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà àti ti Bìrìtìkó kò gbà kí a fi kọ̀ǹpútà tàbí áàpù yí fọ́tò padà rárá. Ìyá àgbà tí ilé fọ́tò àdúgbò ti pa ilà rẹ̀ rẹ́ "kí fọ́tò lè dára" lè rí i kí wọ́n dá ìwé rẹ̀ padà, tàbí kó dúró níwájú òṣìṣẹ́ kan pẹ̀lú ojú tí kò bá ti inú ìwé mu. Owó ti lọ, àkókò ti lọ, ẹni tó tẹ bọ́tìnì kò sì sí níbẹ̀.

Àwọn ayàfọ́tò ní èsì, mo sì ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní oníbàárà ló fẹ́ ẹ. Òótọ́ ni pé àwọn kan fẹ́ ẹ. Mo mọ obìnrin kan tí wọ́n fi ilà rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbogbo ìgbà tó wà ní ilé ìwé, tó sì ní kí n yọ ọ́ kúrò nínú fọ́tò ìwé ẹ̀yẹ rẹ̀. Mo yọ ọ́, n kò sì bi í léèrè ìdí. Ojú rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Màámi kò sọ bẹ́ẹ̀, ìyá Gboko kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ráhùn kò túmọ̀ sí ẹni tó gbà. Àwọn òbí wa mìíràn máa ń rò pé kámẹ́rà ló rí wọn bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní àkókò kò sí, pé fọ́tò ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n ń yà níbi ìgbéyàwó kan. Mo gbà. Ta ló wá ní kí ẹ tún ẹgbẹ̀rún ṣe? Ẹ tún ogún tí wọ́n máa tẹ̀ sínú ìwé ṣe, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a. Kí ẹ díye lé táátù pípa lọ́tọ̀, nítorí wákàtí kan ààbọ̀ kì í ṣe ẹ̀bùn. Ohun tí mo kọ̀ ni kí ẹ gba owó wákàtí kí ẹ sì tẹ bọ́tìnì ìṣẹ́jú àáyá kan.

Àwọn kan tún wà ní òdìkejì, àwọn tó máa ka àròkọ yìí tí wọ́n á ní kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi àmì kankan pamọ́, pé kí gbogbo wa gba ara wa bó ṣe rí. Àwọn yẹn náà kò gbọ́ mi yé. Àwọn ìyá ìyá wa fín kóló sí apá, inú wọn sì dùn sí i. Ẹlòmíràn sì wà tí àpá ara rẹ̀ wá láti ọwọ́ ọkọ tó ń nà án. Kí ló dé tó máa fi máa ṣàlàyé àpá yẹn fún gbogbo àlejò tó bá wọ pálọ̀ rẹ̀? Ẹni tó ni awọ ló ni ọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Rọ́pọ́ àná, tó máa lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ lè yọ ọ́ láìbéèrè. Ohunkóhun tó bá ti bá ènìyàn gbé fún ọdún pípẹ́, ìbáà jẹ́ àpá, àmì àbímọ́, táátù tàbí ilà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kì í ṣe lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ tó ń sanwó. Ẹ kọ èsì rẹ̀ sórí ìwé tí ẹ fi ń gba owó ìdákọ. Ẹ tọ́jú fáìlì àkọ́kọ́, kí ẹni tí inú rẹ̀ kò bá dùn lè rí ojú rẹ̀ gbà padà. Ẹ̀yin oníbàárà náà, ẹ wo ọrùn kí ẹ tó sanwó tó kù: tí ojú bá mọ́ ju ọrùn lọ, tí ẹ ò sì rí ihò òógùn kan lórí imú, bọ́tìnì ni wọ́n tà fún yín.

Mo tẹ fọ́tò náà láti inú fáìlì àkọ́kọ́, èjìká àbúrò mi mọ́, ojú àwọn ìyá méjèèjì sì pé. Ọ̀kan ti lọ sí Gboko. Mo gbé èkejì fún Màámi. Wọ́n fi ìka ka pélé wọn, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, wọ́n yí fọ́tò náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Wọ́n wá ní gèlè àwọn wọ́ díẹ̀ sí òsì lọ́jọ́ náà, ṣé kọ̀ǹpútà mi lè bá àwọn gbé e dúró ṣánṣán? Mo ní ó lè ṣe é, Mà. Ó ṣáà ti ṣe tán, wọ́n béèrè.